Bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń wú mọ́ yín lọ́wọ́, àti ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe sí i

Ẹ jẹ́ ká mú tíìmù kan tó ń kọ ápù fún ilé ìwòsàn, ápù táwọn aláìsàn á fi máa mú àkókò tí wọ́n fẹ́ rí dókítà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì ti pín iṣẹ́ náà sí káàdì 48 lórí bọ́ọ̀dù, tó fi jẹ́ pé mẹ́fà ló yẹ kí wọ́n máa parí lọ́sẹ̀ kan. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrin ẹni tó ń darí wọn dìde nípàdé, ó ní a ti parí 22 nínú 48, ìdajì àkókò ti lọ, iṣẹ́ náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì, kò síyọnu. Gbogbo wọn mi orí, kálukú padà sídìí kọ̀ńpútà rẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé 48 tó fi ń ṣírò yẹn ò sí mọ́. Tẹ́ ẹ bá ka káàdì orí bọ́ọ̀dù wọn lọ́jọ́ yẹn, 66 lẹ máa bá, bẹ́ẹ̀ wọ́n tiẹ̀ ti yọ mẹ́ta kúrò nínú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìyókù ti wá torí pé wọn ò wọlé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan wọlé lọ́jọ́ Ajé, méjì lọ́jọ́ Ẹtì, díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ohun tí mo sì fẹ́ ṣàlàyé níbí nìyẹn: bẹ́ ẹ ṣe máa fi iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí wé iye tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ tó wú lóòótọ́ àti èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àti ohun tẹ́ ẹ máa gbé síwájú ẹni tó ni iṣẹ́. Mi ò ní kúrò lórí tíìmù yìí títí tá a fi máa parí, kí òǹkà wa má bàa dàrú.

Àkọ́kọ́, ẹ ti ètò ìpìlẹ̀ pa

Ẹ ò lè fi nǹkan wé nǹkan tí ẹ̀yin fúnra yín ń yí padà lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ tí ẹni tó ni iṣẹ́ bá ti sọ pé "ó dáa, ẹ bẹ̀rẹ̀", ẹ da gbogbo káàdì kọ sínú ṣíìtì kan, ẹ kọ déètì sókè rẹ̀, ẹ kọ iye wọn, kẹ́ ẹ wá ti ṣíìtì yẹn pa kẹ́nikẹ́ni má lè kọ nǹkan sí i mọ́. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà, kó jẹ́ pé nọ́ńbà kan náà ni gbogbo yín ní lọ́wọ́.

Bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ ò tó fún èyí o, torí pé ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni bọ́ọ̀dù máa ń fi hàn yín, kò bìkítà ohun tó wà nílẹ̀ lóṣù tó kọjá, tẹ́nì kan bá sì pa káàdì rẹ́, àfi bíi pé káàdì yẹn ò sí rí.

Àwọn kan á ti máa sọ pé àwọn ò ṣe èyí látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ sì ti rìn jìnnà. Kò tíì bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣètò iṣẹ́ ló máa ń tọ́jú déètì tí wọ́n dá káàdì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ to gbogbo wọn ní ti déètì yẹn, ẹ mú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹnu kò, gbogbo èyí tó wà ṣáájú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló wọlé lẹ́yìn. Àwọn tí wọ́n ti pa rẹ́ ò ní hàn, ẹ bi tíìmù léèrè bóyá wọ́n rántí ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀.

Káàdì tó bá wọlé lẹ́yìn gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti wá

Ibi yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣi í ṣe. Wọ́n á rí 66, wọ́n á rí 48, wọ́n á sáré lọ bá oníbàárà pé iṣẹ́ ti fi 18 lé, oníbàárà á sì dáhùn pé "nǹkan méjì péré ni mo béèrè", àwọn méjèèjì ló sì máa gbà pé òótọ́ làwọn ń sọ. Ohun tó fà á ni pé káàdì máa ń pọ̀ sí i fún ìdí mẹ́rin tí wọn ò jọra rárá, ọ̀kan ṣoṣo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ni iṣẹ́ tó wú.

Àkọ́kọ́ ni pípín. Ẹ ní káàdì kan tó sọ pé "ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀", ẹni tó fẹ́ ṣe é rí i pé ó tóbi, ó pín in sí mẹ́ta. Iṣẹ́ ò lé rárá, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ti tíìmù wa yìí jẹ́ káàdì 7.

Èkejì ni iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣàwárí. Kò sí nínú ètò, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣèlérí ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Wọ́n rí márùn-ún: bí aláìsàn á ṣe yí páàsìwọ́ọ̀dù tó gbàgbé padà, bó ṣe máa fagi lé àkókò tó ti mú, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí dókítà bá lọ ìsinmi, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ táwọn méjì bá tẹ wákàtí kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, àti bí wọ́n á ṣe máa ṣe ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ pa mọ́. Ẹ wò ó, kò síkankan tí oníbàárà béèrè níbẹ̀, àmọ́ ápù tó bá jẹ́ kí aláìsàn méjì mú wákàtí kan náà kì í ṣe ápù tẹ́ ẹ ṣèlérí. Ètò yín ló kéré, ẹ̀bi oníbàárà kọ́.

Ẹ̀kẹta ni àtúnṣe, ohun tẹ́ ẹ ti sọ pé ó parí tó wá ń ṣe ségesège. Wọ́n ní mẹ́ta.

Ẹ̀kẹrin ló jẹ́ tuntun, ìyẹn ohun tí ò sí nínú àdéhùn, tí ápù á sì ṣiṣẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ láìsí i. Mẹ́fà ni: àwọ̀ dúdú fún àwọn tó ń lò ó lálẹ́, fọ́tò dókítà, kíkó orúkọ àwọn aláìsàn jáde sínú ṣíìtì, àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa rán aláìsàn létí ọjọ́ rẹ̀, títẹ ìwé àkókò jáde sórí pépà, àti ibi tí aláìsàn á ti lè máa bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ápù. Èyí ni iṣẹ́ tó wú. Ẹ má sì rò pé oníbàárà ló béèrè gbogbo rẹ̀ o, fọ́tò dókítà yẹn, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ kóòdù ló fi sí i torí ó rí i pé á rẹwà. Ìyẹn náà tuntun ni, àmì kan náà ló sì máa gbà.

Tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín àwárí àti tuntun, ìbéèrè kan ló máa ń yanjú rẹ̀ fún mi: tá a bá gbé ápù yìí jáde láìsí nǹkan yìí, ṣé ẹni tó ka àdéhùn wa á lè sọ pé a ò mú ìlérí ṣẹ? Tó bá lè sọ bẹ́ẹ̀, àwárí ni. Tí ò bá lè sọ bẹ́ẹ̀, tuntun ni, bó ti wù kó dára tó.

Ẹ fún káàdì kọ̀ọ̀kan ní àmì yẹn lọ́jọ́ tó wọlé gan-an, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di awuyewuye, torí pé nígbà yẹn kálukú á ti mọ àmì tó máa gbe òun. Ẹni kan ṣoṣo ni kó máa fún wọn ní àmì, kó lè jẹ́ pé ojú kan náà ló ń wò wọ́n.

Bẹ́ ẹ ṣe máa kà á

Ṣíìtì tó rọrùn ti tó, ẹ ò nílò nǹkan ńlá. Òpó A fún nọ́ńbà káàdì, B fún orúkọ, C fún déètì tó wọlé, D fún àmì, E fún déètì tó parí, F fún déètì tẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò. Nínú òpó D, ẹ kọ `ipile`, `pin`, `awari`, `tunse` tàbí `tuntun` láìfi àmì ohùn sí i, torí tẹ́nì kan bá fi àmì ohùn sí i tẹ́nì kejì ò fi sí i, ṣíìtì á kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Fọ́múlà mẹ́ta ló máa ṣe iṣẹ́ náà fún yín:

```
=COUNTIF(D:D,"tuntun")
=COUNTIFS(D:D,"<>pin",E:E,">0")
=COUNT(F:F)
```

Àkọ́kọ́ ń ka tuntun, ẹ lè yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà láti ka àwọn àmì yòókù. Èkejì ń ka gbogbo èyí tó ti parí láìka àwọn tẹ́ ẹ kàn gé wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta ń ka èyí tẹ́ ẹ yọ kúrò.

Òfin kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ dì mú nípa àwọn tẹ́ ẹ pín: káàdì ìyá ló máa wà nínú òǹkà, ìyá ò sì tíì parí àfi tí gbogbo ọmọ bá parí. Tẹ́ ẹ bá ń ka ọmọ, iye iṣẹ́ á dà bíi pé ó ga sí i, iye èyí tó parí náà á ga sí i, ẹ ò wá ní mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Nítorí náà 66 tó wà lórí bọ́ọ̀dù di 59: ìpìlẹ̀ 48, ẹ yọ 3, ó ku 45, ẹ fi àwárí 5, àtúnṣe 3 àti tuntun 6 kún un.

Ẹ kọ èyí tẹ́ ẹ yọ sọ́tọ̀, ẹ má ṣe fi mú èyí tó wọlé kéré. Mo rí i tí wọ́n máa ń ṣe é pé "a fi mẹ́rìnlá kún un, a yọ mẹ́ta, mọ́kànlá péré ló lé", kò burú gẹ́gẹ́ bí ìṣirò, àmọ́ ó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀, torí pé mẹ́ta tẹ́ ẹ yọ yẹn ohun tí oníbàárà ti ń retí ni, ó sì yẹ kó mọ̀ pé òun ti pàdánù rẹ̀.

Ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kà á. Ohun tí tíìmù yìí ì bá ti rí nìyí tó bá jẹ́ pé wọ́n ń kà á látìbẹ̀rẹ̀:

| Ìparí ọ̀sẹ̀ | Gbogbo iṣẹ́ | Èyí tó parí | Èyí tó kù |
|---|---|---|---|
| ìbẹ̀rẹ̀ | 48 | 0 | 48 |
| 1 | 49 | 6 | 43 |
| 2 | 52 | 12 | 40 |
| 3 | 55 | 17 | 38 |
| 4 | 59 | 22 | 37 |

Òpó tó gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́. Ó yẹ kó máa fi mẹ́fà wálẹ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ó fi 5 wálẹ̀, ó fi 3, ó fi 2, ó wá fi 1. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ gan-an o, wọ́n parí 5 lọ́sẹ̀ kẹrin, àmọ́ ohun tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gíráàfù, ẹ ya ìlà méjì, ọ̀kan fún gbogbo iṣẹ́, ọ̀kan fún èyí tó parí, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá àlàfo àárín wọn ń dín kù. Gíráàfù tó ní ìlà kan ṣoṣo, èyí tó kàn ń fi iye tó kù hàn, ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ò yára ni àbí iṣẹ́ ló ń wọlé.

Kí nọ́ńbà wọ̀nyí ń sọ

Ẹ padà sí 22 nínú 48 tó sọ nípàdé, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́ ẹ bá fi 22 yẹn sórí 59 tó jẹ́ òótọ́, ó di 37. Ó tún kù o. Nínú 22 tó parí, 16 péré ló jẹ́ ìpìlẹ̀, ìyókù jẹ́ tuntun 3, àtúnṣe 2 àti àwárí 1. Nítorí náà, nínú ohun tí oníbàárà fẹnu kò sí, ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló ti parí, bẹ́ẹ̀ ìdajì àkókò ti lọ. Nọ́ńbà 16 yẹn ló máa ń ṣí ojú èèyàn jù lọ, mo máa ń kọ́kọ́ wá a kí n tó wá nǹkan míì.

Ní ti ìgbà tí wọ́n máa parí, wọ́n ń parí 5.5 lọ́sẹ̀ kan, ìyẹn 22 tá a pín sí mẹ́rin. Ohun tó kù jẹ́ 37. Kódà ká ní kò sí káàdì kankan tó tún wọlé láti òní lọ, 37 máa gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, mẹ́rin ló sì kù. Àmọ́ káàdì ń wọlé, 14 ti wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn 3.5 lọ́sẹ̀. Tó bá ń bá a lọ báyẹn, 2 péré ló ń dín kù lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 18 àti ààbọ̀. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí, káàdì máa ń ṣọ́wọ́n bí iṣẹ́ bá ń lọ sópin, mò ń fi hàn yín bí ọ̀rọ̀ ṣe máa gùn tó tẹ́nikẹ́ni ò bá dá a dúró ni.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kẹ́ ẹ sọ fún ara yín kẹ́ ẹ tó lọ bá oníbàárà. Tuntun mẹ́ta ló kù tí wọn ò tíì ṣe. Tí wọ́n bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dànù lónìí, 34 ló ṣì máa kù, ó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Ìyẹn ni pé iṣẹ́ tó wú nìkan kọ́ ló dá wọn dúró, ètò wọn kéré láti ilẹ̀, wọ́n sì rò pé mẹ́fà làwọn á máa ṣe lọ́sẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé 5.5 ni. Tẹ́ ẹ bá lọ di gbogbo ẹ̀bi ru oníbàárà, tó sì mọ ìṣirò, ọ̀rọ̀ yín ò ní tà létí rẹ̀ mọ́.

Ohun tí kíkà nìkan ò lè rí

Káàdì lè wú láìbí ọmọ. Ẹni kan ń ṣe "ojú ìwé dókítà", wọ́n ní kó fi ibi ìwádìí sí i, wọ́n ní kó tò ó ní ABD, wọ́n ní kó fi àwòrán ibi tí ilé ìwòsàn wà sí i, gbogbo rẹ̀ ló wà lábẹ́ káàdì kan ṣoṣo, òǹkà yín á dúró sójú kan bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àmì tẹ́ ẹ fi máa mọ̀ ni pé gbogbo iṣẹ́ ò lé, àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ń parí lọ́sẹ̀ ń dín kù. Ẹ wo 6, 6, 5, 5 inú táábù tó wà lókè yẹn, ó tó ohun tó yẹ kéèyàn béèrè nípa rẹ̀. Mo máa ń wo gbogbo káàdì tó ti wà lọ́wọ́ fún ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tí káàdì sábà máa ń gbà, mo máa ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ibẹ̀ lẹ máa ti rí gbogbo "ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún bá mi fi èyí sí i". Ẹ yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ fún un ní káàdì tirẹ̀ àti àmì tirẹ̀.

Ìkejì, gbogbo káàdì kọ́ ló dọ́gba. Àwọ̀ dúdú lè gba ọjọ́ kan, kí ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan ọ̀kan sì ni òǹkà kà wọ́n sí. Tí káàdì yín bá fẹ́ jọra ní títóbi, kíkà lásán ti tó. Tí wọn ò bá jọra, ẹ fún kékeré ní 1, àárín ní 2, ńlá ní 4, kẹ́ ẹ máa ro ìyẹn pọ̀ dípò iye káàdì, ìyókù ìṣirò ò yí padà. Tí ẹyọ kan bá ju ńlá lọ, ẹ pín in.

Ẹ fi ìlà kan sílẹ̀ tí ẹ ò ní jẹ́ kó kọjá

Ẹ̀yin àti ẹni tó ni iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí inú kálukú ṣì ń dùn. Ti èmi ni pé tí tuntun bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpìlẹ̀, a máa jókòó. Fún iṣẹ́ káàdì 48, ó jẹ́ pé ká jókòó lọ́jọ́ tí tuntun bá di márùn-ún, ẹ ò ní dúró dìgbà tí ìpàdé oṣù bá tó. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ò ṣe é yí padà rárá, ẹ jẹ́ kó kéré sí i. Èyí máa ń dáàbò bo yín lọ́wọ́ àwọn ẹ̀bẹ̀ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí kò sí èyí tó tó bínú sí nínú wọn, torí pé ẹ ò ní jà lórí ọ̀kan, ẹ kàn máa sọ pé a ti dé ibi tá a sọ.

Àwárí náà ní ìlà tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa jókòó fún un, torí pé ohun tó ń sọ ni pé ẹ padà lọ wo ètò yín, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá apá kan wà tẹ́ ẹ ò rò dáadáa. Bí mẹ́ta nínú márùn-ún bá wá láti ibi mímú àkókò, bíi ti tíìmù yìí, ẹ lọ wo ibi yẹn fínnífínní lónìí, ẹ kọ gbogbo èyí tó ṣì sá pa mọ́ síbẹ̀ sílẹ̀ kó tó máa jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bẹ́ ẹ ṣe máa dá a lóhùn

Ẹ dá gbígba tuntun dúró fún ọjọ́ méjì péré kẹ́ ẹ lè ṣètò. Kì í ṣe pé ẹ kọ̀ ọ́, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣírò ohun tí apá yín ká. Tíìmù wa ń parí 5.5 lọ́sẹ̀. Àwárí àti àtúnṣe ti jẹ́ 8 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìyẹn 2 lọ́sẹ̀, wọn ò sì ní dáwọ́ dúró torí pé ẹ ṣèpàdé, ẹ ní láti fàyè sílẹ̀ fún wọn. Ẹ jẹ́ ká fi 1.5 sílẹ̀, torí pé àwárí máa ń dín kù. Ó ku 4 lọ́sẹ̀ kan. Nọ́ńbà 4 yìí lẹ máa fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kì í ṣe 5.5, ẹni tó bá fi 5.5 ṣèlérí á tún padà wá tọrọ àforíjì lóṣù tó ń bọ̀.

Pẹ̀lú 4 yẹn, ọ̀nà mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Tí ọjọ́ ò bá yí padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù, káàdì 16 ló máa ṣeé ṣe, kí oníbàárà yan 16 nínú 37. Tó bá fẹ́ gbogbo 37, ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Ẹ̀kẹta ni àárín: tó bá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ó di méje, káàdì 28, kó wá mú 9 kúrò. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa gbé lọ, ẹ má mú ọ̀kan ṣoṣo lọ bíi pé àṣẹ lẹ wá pa.

Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó rí i lójúkojú, kó lè rò ó. Irú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. A ka gbogbo iṣẹ́ ápù lónìí. 48 la fẹnu kò sí, ó ti di 59 lẹ́yìn tá a yọ 3. Nínú 14 tó wọlé, 6 jẹ́ ohun tuntun tí kò sí nínú àdéhùn wa, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ tiwa, 5 jẹ́ ohun tá ò rí nígbà tá à ń ṣètò, àwa la ni ìyẹn, 3 jẹ́ àtúnṣe. A ò lè parí gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ tá a dá. Ọ̀nà mẹ́ta la rí, wọ́n wà nísàlẹ̀ yìí pẹ̀lú iye tí kálukú wọn máa gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àkójọ 37 tó kù, kẹ́ ẹ sàmì sí èyí tí ilé ìwòsàn ò lè ṣí láìsí i. A máa jókòó lórí rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀."

Ṣé ẹ rí i pé ó sọ èyí tó jẹ́ tiwọn jáde láì jẹ́ kí oníbàárà wá a rí? Ìyẹn ló máa jẹ́ kó gba èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Nídìí ìpàdé, gbogbo tuntun tó kù máa gba ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta: ẹ fi pààrọ̀ ohun tó fẹ́ tóbi tó o nínú ìpìlẹ̀, tàbí ẹ fi sí apá kejì iṣẹ́ lẹ́yìn tí èyí bá jáde, tàbí ẹ fi àkókò àti owó kún un. Ìdáhùn kẹrin tí wọ́n máa ń yọ́ gbà ni "ẹ kàn bá wa tì í bọ̀ ọ́", ìyẹn ò sí. Oníbàárà tiwa yìí mú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó di àtẹ̀jíṣẹ́ ìránnilétí mú, torí pé aláìsàn tó gbàgbé ọjọ́ rẹ̀ gan-an ni wàhálà tó mú un wá, ìyẹn sì fi hàn pé tuntun lè wúlò ju ìpìlẹ̀ lọ nígbà míì, ẹ má kàn kórìíra rẹ̀ torí pé ó pẹ́ dé. Ó gbé títẹ̀ sórí pépà àti ibi ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lọ sí apá kejì. Ó tún mú méje kúrò nínú ìpìlẹ̀, márùn-ún jẹ́ ojú ìwé ìròyìn oṣooṣù, méjì jẹ́ ti èdè kejì. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 9.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní fọwọ́ sí. Ẹ má yọ káàdì àyẹ̀wò kí nọ́ńbà lè dáa lójú, á padà wá bí àtúnṣe. Ẹ má fi òru dí i láìsọ fún ẹnì kankan, torí oníbàárà á rò pé 59 yẹn náà ṣeé ṣe lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, á sì fi ìyẹn díwọ̀n iṣẹ́ tó ń bọ̀. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi èèyàn kún tíìmù, ẹ rántí pé àwọn tó wà nílẹ̀ ló máa kọ́ ẹni tuntun, 5.5 á kọ́kọ́ wálẹ̀ kó tó gòkè, nínú ọ̀sẹ̀ méje ó lè má sí èrè kankan níbẹ̀.

Ètò kejì

Ẹ ṣe ṣíìtì tuntun tó ní déètì ọjọ́ ìpàdé, káàdì 28 tó kù ló wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀ kejì, ẹ ti òun náà pa, ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìlà kan tó sọ ohun tó yí padà, ẹni tó fọwọ́ sí i àti ìdí rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe ìpìlẹ̀ tuntun lóṣooṣù láìsí ìpàdé, iṣẹ́ ò ní wú lójú ìwé mọ́, àmọ́ á máa wú lọ ní tòótọ́, ẹ ò sì ní rí i.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún kà. Nǹkan méjì lẹ máa wò: ṣé 28 yẹn ń fi mẹ́rin wálẹ̀, ṣé àwárí àti àtúnṣe ò sì ju 1.5 tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá jẹ́ 3 lọ́sẹ̀ kan fún ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀ léra, àyè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ti kéré, ẹ kọ̀wé sí oníbàárà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an kẹ́ ẹ tún fún un ní àkójọ kó mú káàdì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kúrò, nígbà tí èyí tó ṣeé mú kúrò ṣì pọ̀ nílẹ̀.